Ẹ Fi Orúkọ Ìyá Yín Kọ Ewì Náà

Bí ọjọ́ ìbí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa bá ti ń sún mọ́lé, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe. A ó wá ewì kúkúrú kan lórí fóònù, irú èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ìyá kọ. Wọ́n á to lẹ́tà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọ̀rọ̀ náà lóòró, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ ìlà kan, ọ̀rọ̀ tó ń ṣàpèjúwe ìyá ni yóò sì ṣáájú ìlà náà. A ó dà á kọ sínú káàdì, a ó fi orúkọ wa sí ìsàlẹ̀, ó parí. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ni ìyá gbà, kò sì sí ọ̀kan tí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ronú kàn nínú wọn.

Kì í ṣe irú ewì yẹn ni a ń bá jà o. Ewì onílẹ́tà dára, ó sì yẹ káàdì ọjọ́ ìbí, torí pé ó kúrú, ojú sì ń rí orúkọ tó fara pa mọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé kò ṣe é yá lò. Ẹni tó bá fẹ́ fún ìyá rẹ̀ ní irú ewì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ní Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀, kó fi orúkọ tí ìyá náà ń jẹ́ gan-an kọ ọ́, kó sì jẹ́ pé ohun tí ìyá ṣe ló bí ọ̀rọ̀ ìyìn tó wà níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé nǹkan òyìnbó ni gbogbo èyí, pé oríkì ló yẹ ká máa ki ìyá wa. Oríkì ò ní kúrò nílẹ̀, àmọ́ ewì onílẹ́tà ti wà tipẹ́tipẹ́, kì í sì í ṣe lọ́wọ́ òyìnbó ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣí Bíbélì sí ìwé Òwe orí 31, láti ẹsẹ 10 dé 31. Ibẹ̀ ni wọ́n ti yin obìnrin oníwà rere, èyí tí wọ́n máa ń kà fún àwọn ìyá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ 22 ni, lẹ́tà 22 ló sì wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Hébérù. Ní èdè Hébérù tí wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà àkọ́kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kìn-ín-ní, lẹ́tà kejì ló bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé òpin. Orí náà fúnra rẹ̀ sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ tí ìyá Lémúẹ́lì ọba kọ́ ọ ló wà níbẹ̀.

Kí ló dé tí àwa tó ń kà á ní Yorùbá ò fi rí lẹ́tà kankan? Ìtumọ̀ ló gbé e lọ. Ohun tí wọ́n sọ nípa obìnrin náà rìnrìn àjò dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ lẹ́tà tó wà níwájú ẹsẹ kò lè bá a rìn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan ní èdè kan lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà mìíràn pátápátá ní èdè kejì. Ohun tó yẹ ká kọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá tú ewì onílẹ́tà sí Yorùbá, ẹ̀ka tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lé ti já. Ẹ wo nǹkan kejì tí orí náà ṣe: kò kàn sọ pé obìnrin náà dára. Ó ní ó ń dìde nígbà tí ilẹ̀ ò tíì mọ́, ó ń fún ará ilé rẹ̀ lóúnjẹ, ó wo oko kan, ó rà á, ó ń hun aṣọ, ó ń tà á. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi yìn ín. A ó padà sórí èyí.

Ó yá, lẹ́tà wo la fẹ́ tò lóòró? Ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ ronú kan MÀMÁ. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé lẹ́tà M ni yóò dá yín dúró, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu rẹ̀ á kọ «Mo nífẹ̀ẹ́ yín», èyí tí kì í ṣe àpèjúwe ìyá rárá, ọmọ ló ń sọ ti ara rẹ̀. Tàbí kó kọ «Mímọ́», kí ìyá rẹ̀ máa wò bóyá Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n ń bá wí.

Kì í ṣe pé èdè wa ò ní ọ̀rọ̀ ìyìn. Bí èdè náà ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ ló fà á. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ àpèjúwe jáǹtìrẹrẹ, ó sì fọ́n wọn káàkiri gbogbo lẹ́tà. Ní Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe la sábà máa ń fi sọ irú ẹni tí ènìyàn jẹ́: ó ga, ó gbọ́n, ó láàánú. Bí a bá wá fẹ́ sọ ọ́ di orúkọ tí a lè fi pe ènìyàn, a ó fi nǹkan kan kún iwájú rẹ̀, fáwẹ̀lì ni nǹkan náà sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. «Oní» ló wọ́pọ̀ jù, ó sì máa ń fara wé fáwẹ̀lì tó bá pàdé. Oní àti àánú di aláàánú. Oní àti ọgbọ́n di ọlọ́gbọ́n. Oní àti ẹ̀rín di ẹlẹ́rìn-ín. Oní àti òótọ́ di olóòótọ́. Oní àti ètò di elétò. Nítorí náà, A, E, Ẹ, O àti Ọ ni ilé ọ̀rọ̀ ìyìn wa. Níbi tí fáwẹ̀lì wọ̀nyí bá wà nínú orúkọ, ẹ ó rí ọ̀rọ̀ yàn. Níbi tí kọ́ńsónáǹtì bá wà, ẹ ó sọdẹ.

Ìdí nìyí tí a fi rò pé oríkì ìyá, ìyẹn orúkọ bí Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àyọ̀kẹ́, ló dára jù láti tò lóòró. Kì í gùn, A ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ẹ ló sì parí púpọ̀ nínú rẹ̀. Orúkọ ìkẹ́ sì ni, kì í ṣe orúkọ ìwé. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló rọrùn. Àdùkẹ́ ní U láàárín, kò sì sí ọ̀rọ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú U. Ará Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ilé ní «ulé» lè rí ọ̀nà gbé e gbà nínú ẹ̀ka èdè rẹ̀, ìyẹn á sì dùn mọ́ ìyá rẹ̀ nínú gan-an. Ẹni tí kì í ṣe ará ibẹ̀, kó wá orúkọ mìíràn tò. Ní ti Àgbékẹ́, ìlà márùn-ún ni, kì í ṣe mẹ́fà, torí pé GB jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa tó jẹ́ 25. Bí ẹ bá ya G sọ́tọ̀, tí ẹ ya B sọ́tọ̀, orúkọ ẹlòmíràn lẹ ń kọ.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ: ọmọ kì í pe orúkọ ìyá rẹ̀. Òótọ́ ni, a ò sì ní kí ẹ pe orúkọ náà gàǹgà. Ẹ kọ «Ìyá mi» gàdàgbà sókè, kí orúkọ náà sì wà lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń ki ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Bí ó bá ṣì ń kọ yín lóminú, ẹ lo orúkọ tí gbogbo àdúgbò fi ń pè wọ́n, ìyẹn orúkọ àkọ́bí wọn. Ìyá Ayọ̀ á di lẹ́tà mẹ́ta, A, Y, Ọ, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣe ọ̀kan pọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìyá kan ń pé 50 ọdún, Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì wọn, ẹ̀kọ ni wọ́n ń tà, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ fún wọn ní káàdì. Lẹ́tà márùn-ún ni: A, B, Ẹ, K, Ẹ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn á bẹ̀rẹ̀ láti orí lẹ́tà. Wọ́n á ní, «Ẹ, Ẹ, Ẹ… Ẹlẹ́wà!» Lẹ́tà náà bá a mu, ọ̀rọ̀ náà ò burú, àmọ́ kí ló kù tí a ó fi kún ìlà náà? Kò sí. Ẹwà ò ní ìtàn nílé yẹn. Ibi tó yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀ ni ìṣe. Kí àwọn ọmọ náà jókòó, kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́wàá tí ìyá wọn ti ṣe tàbí tí wọ́n máa ń ṣe, láìronú lẹ́tà kankan. Kí wọ́n bi ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n bi bàbá, kí wọ́n bi ẹni tí àtẹ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n wá bi ara wọn pé irú ẹni wo ló ń ṣe èyí, kí wọ́n sì kọ orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú ìṣe kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó bá lẹ́tà mu ni wọ́n ó yàn.

Ká ní ohun tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni pé ìyá máa ń sẹ́ ògì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ẹ̀kọ lè jiná kí àwọn òṣìṣẹ́ tó jáde. Irú ẹni wo nìyẹn? Òṣìṣẹ́, aláápọn, akíkanjú. A ni lẹ́tà tí a ń wá, aláápọn àti akíkanjú sì bá a mu. Akíkanjú la mú, torí ó ní ìgboyà nínú, ó sì gba ìgboyà kí ènìyàn máa dá jí sínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́.

Ìṣe kejì ni pé aṣọ léèsì kan ṣoṣo ni ìyá fi lọ gbogbo òde fún ọdún mẹ́ta nígbà tí owó ilé-ìwé ń wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu ni «olùfarajìn», O sì ni. Lẹ́tà B ni a ní. Níbí ni a ti ní láti sọdẹ. Bọ̀rọ̀kìnní jẹ́ ọ̀rọ̀ fún ènìyàn pàtàkì, ẹni tó gbáfẹ́, tó níyì láwùjọ. Bí ẹ bá kọ «Bọ̀rọ̀kìnní ni yín» lásán fún ẹni tó ń ta ẹ̀kọ, ó lè dà bí ẹni ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ léèsì kan ṣoṣo yẹn. Ohun tí ìlà náà wá ń sọ ni pé a mọ̀ pé ẹ ì bá gbáfẹ́, a sì mọ ohun tó gba owó náà lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ tí kò bá ìṣe náà dọ́gba ní ojú lásán ló wá sọ òótọ́ jù.

Ẹ àkọ́kọ́ ò ṣòro. Àwọn oníbàárà kan wà tí wọ́n ń kọjá ẹni mẹ́ta tó ń ta ẹ̀kọ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá, nítorí bí ìyá ṣe ń rẹ́rìn-ín sí wọn. Ẹlẹ́rìn-ín nìyẹn. K ni lẹ́tà kejì tó le. Ọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «kò» ló máa ń ràn wá lọ́wọ́ níbẹ̀, nítorí pé Yorùbá lè so odindi gbólóhùn pọ̀ di ọ̀rọ̀ kan. Kòṣeémánìí ni ohun tí ènìyàn ò lè ṣe kó má ní. Ìṣe wo ló wà fún un? Ọjọ́ mẹ́ta tí ìyá lọ sí Ìbàdàn, tí kò sí ẹni tó mọ ibi tí iyọ̀ wà. Kí ẹ má bẹ̀rù láti fi ẹ̀rín sí i. Ọjọ́ ìbí ni, kì í ṣe ìsìnkú.

Ẹ tó kẹ́yìn, ìyá máa ń fi ẹ̀kọ kún ti ọmọ òrukàn kan tó ń wá rà á, wọn kì í sì í gba owó èyí tí wọ́n fi kún un. Ẹlẹ́yinjú-àánú. Gbogbo rẹ̀ wá di báyìí:

Ìyá mi
Akíkanjú tó sẹ́ ògì tán kí àkùkọ tó kọ,
Bọ̀rọ̀kìnní tó fi léèsì kan jáde lọ́dún mẹ́ta, kí owó ìwé wa lè pé,
Ẹlẹ́rìn-ín tí oníbàárà ń kọjá ẹ̀kọ mẹ́ta wá bá,
Kòṣeémánìí: ẹ lọ Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́ta, a ò rí iyọ̀ nílé,
Ẹlẹ́yinjú-àánú tó ń fi ẹ̀kọ kún ti ọmọ òrukàn, tí kì í ka iye rẹ̀.

Kì í ṣe ewì tí wọ́n ó fún ní ẹ̀bùn níbì kankan. Àmọ́ ẹ dán an wò: ẹ fi ọwọ́ bo lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ márààrún, kí ẹ ka ìyókù fún àwọn ará àdúgbò. Wọ́n á mọ ẹni tí à ń sọ. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ fún «Akíkanjú ni yín ní gbogbo ọ̀nà». Ìyá gbogbo ayé ni. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìlà tí kò tíì jinná nìyẹn: bí ó bá bá ìyá ọ̀rẹ́ yín náà mu, ẹ padà sídìí ìṣe.

Ó ku kíkọ sórí káàdì. Àwọn kan nínú wa gbé irú ewì yìí lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ káàdì, nígbà tí yóò sì jáde, gbogbo àmì ìsàlẹ̀ ti ṣubú. Ẹ di E, ni Àbẹ̀kẹ́ bá di orúkọ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́. A rò pé ibi kan wà tí a lè gbà díẹ̀, ibi kan sì wà tí a ò gbọ́dọ̀ gbà. Àmì ohùn kì í ṣe ara lẹ́tà, nítorí náà kò pọn dandan kí ohùn tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà bá ti inú orúkọ mu. Ẹ̀ tó wà láàárín Àbẹ̀kẹ́ ní ohùn ìsàlẹ̀, Ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ẹlẹ́rìn-ín jẹ́ ohùn àárín, kò sì sí ẹni tí yóò bá yín jà. Àmọ́ àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ jẹ́ ara lẹ́tà náà gan-an. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú «Elétò» kò lè dúró níbi tí orúkọ ti ní Ẹ.

Ẹ má sì rò pé àmì inú ìlà ò ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ni ìyá ń ṣe, ìṣẹ́ ni òṣì. Yèyé ni ìyá, yẹ̀yẹ́ ni ìfiniṣẹlẹ́yà. Bí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù náà ò bá lè gbé àmì, ẹ fi bírò kọ ọ́. Kí ẹ lo àwọ̀ mìíràn, pupa tàbí aró, fún lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì to wọn sára ìlà kan ṣoṣo tó dúró ṣánṣán, torí bí wọ́n bá wọ́ síbí wọ́ sọ́hùn-ún, ojú ò ní rí orúkọ náà.

Èyí mú wa dé ibi tí ewì yìí ò lè dé. Ojú ló wà fún. Bí a bá kà á sókè, etí á gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀, àmọ́ kò ní gbọ́ orúkọ tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bẹ́ẹ̀, ìyá ẹlòmíràn nínú wa ò mọ̀wé kà. Ẹ má torí ìyẹn fi Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ fi ìka wọn sórí lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ pe ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ ka ìlà náà, kí ẹ tó sún ìka náà sí ìsàlẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé ìlà tó kẹ́yìn, ẹ sọ fún wọn pé orúkọ wọn ni ìka wọn ń tọ̀ bọ̀ láti òkè. Bí wọ́n bá sì wà lọ́nà jíjìn, tí ó jẹ́ pé fóònù nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ fi káàdì sílẹ̀, kí ẹ ki wọ́n ní oríkì wọn. Ìyẹn ni etí mọ̀.

Ṣùgbọ́n ìyá tó lè kà, tí yóò fi káàdì náà pa mọ́ sínú Bíbélì tàbí Kùránì, tàbí sábẹ́ aṣọ nínú àpótí, ó yẹ kó bá orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, pẹ̀lú léèsì yẹn, ògì yẹn, àti iyọ̀ tí a ò rí.